Ohun Tó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Jáde Lẹ́nu Nọ́ọ̀sì Tó Ń Gbé Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ bọ́ síwájú, àga ṣì wà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí hándóófà, ìròyìn aláìsàn tí ẹni tó ń lọ ń ṣe fún ẹni tó ń gbaṣẹ́, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti mú bíírò dání. Ẹ fi bíírò sílẹ̀ ná. Etí yín ni a ó lò láàárọ̀ yìí, torí pé etí ni ẹni tó ń gbaṣẹ́ máa ń fi gba aláìsàn.

Aláìsàn kan ṣoṣo ni mo mú wá. Mo kó o jọ láti ara ọ̀pọ̀ aláìsàn tí mo ti tọ́jú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa ronú pé òun mọ̀ wọ́n. Bàbá kan ni, ẹni ọdún 64. Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni. Àwa tí a ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ń palẹ̀ mọ́, àwọn tó máa ṣiṣẹ́ alẹ́ ti dé. Ẹ gbọ́ bí nọ́ọ̀sì tó ń lọ ṣe ròyìn wọn:

“Bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Bàbá ni. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wọlé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún wọn rí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe ti ìfun yìí, ó lọ dáadáa. Ọmọ wọn obìnrin wá kí wọn lọ́sàn-án. Wọ́n jẹun díẹ̀ láàárọ̀. A ti wẹ̀ fún wọn, mo ti pààrọ̀ bandéèjì. Ara wọn gbóná díẹ̀, mo fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù, ó ti ń lọ sílẹ̀. Wọ́n ní inú ń run àwọn. Dókítà ní òun ń bọ̀. Ìtọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n wà dáadáa.”

Mo béèrè lọ́wọ́ yín: èwo ló parọ́ nínú ohun tí ó sọ? Kò sí. Gbogbo rẹ̀ pátá ni òótọ́. Síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń gbaṣẹ́, tí mo sì ní aláìsàn méjìlá tí mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn wọn, bẹ́ẹ̀dì keje ni ọkàn mi yóò ti wà kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Mo ti gbọ́ “dáadáa” lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbọ́ nípa ìpá tí wọ́n ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìtọ̀ tó dín kù, inú tó ń run wọ́n, ibà tó dé, mẹ́ta nìyẹn nínú ẹni tí wọ́n gé ìfun rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ó sì fọ́n wọn káàkiri láàárín ìwẹ̀ àti àlejò. Wọ́n máa ń ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá, ṣùgbọ́n nínú ìròyìn yìí, lápálápá ló gba iwájú.

Mo mọ ìròyìn yìí dáadáa torí pé èmi fúnra mi ni mo sọ irú rẹ̀ nígbà kan. Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà kì í ṣe ibi tí a ń dárúkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí aláìsàn wọlé, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé kí a máa kọ fáìlì. Ó ku gbólóhùn kan kí n débi ìtọ̀ ni fóònù wọ́ọ̀dù dún. Ẹni tí mo ń ròyìn fún dìde lọ gbé e, nígbà tó padà dé ó ní, “Ó dára, kí ló kàn?” Mo bọ́ sórí aláìsàn kejì. Ó lé ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí i pé báàgì ìtọ̀ aláìsàn náà ṣófo. Wọ́n gbé e padà sí tíátà lóru ọjọ́ náà. Ó yè é, ṣùgbọ́n ó pẹ́ púpọ̀ kó tó lọ sílé. Mo jẹ́wọ́ fún mètírọ́ọ̀nù pé mo mọ̀ nípa ìtọ̀ náà. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Kí ló dé tí ó fi wà nísàlẹ̀?” N kò rí ìdáhùn kan fún wọn.

Ẹ wá jẹ́ kí a tún Bàbá yìí ròyìn. Ìlànà tí màá tẹ̀ lé ni èyí tí ẹ máa ń rí lórí fọ́ọ̀mù pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin, SBAR. Inú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un, kí àwọn onílé ìwòsàn níbẹ̀ tó gbà á lò ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn. Èmi kì í fi lẹ́tà kọ́ni. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fi ń há a sórí: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí? Kí ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ òru òní? Kí ni mo rí, kí ni mo sì rò? Kí ni kí ẹ ṣe, nígbà wo?

Nọ́ọ̀sì náà dúró ti ẹni tó ń gbaṣẹ́, ṣáàtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní:

“Sísítà, Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kẹfà ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí pé ọkàn mi kò balẹ̀ lórí wọn. Ẹni ọdún 64 ni wọ́n, wọ́n wọn 70 kílò. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n gé apá kan ìfun ńlá wọn, tí wọ́n sì rán ojú rẹ̀ pọ̀. Láti ọ̀sán ni ara wọn ti ń yí padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibi tí wọ́n rán ń jò. Mo pe dókítà ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tíì dé.

“Pẹnisílíìnì kò bá ara wọn mu. Nígbà tí wọ́n lò ó, ojú wọn wú, ara wọn sì sú. Ó wà lára báńdì ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìfúnpá wọn kì í sábà wá sílẹ̀ ju 135 lọ.

“Ọkàn wọn ń lù ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú kan ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó di 94 ní aago méjì, 108 ní aago mẹ́fà, 110 ní aago méje. Èémí wọn jẹ́ 16 láàárọ̀, 22 ni báyìí. Ìfúnpá wọn wá láti 138 láàárọ̀ sí 124, sí 108, sí 106. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 97 láàárọ̀, ó di 95. A kò fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Ara wọn gbóná dé 38.2 ní aago mẹ́fà. Mo fún wọn ní gíráàmù kan parasitamọ́ọ̀lù lójú iṣan ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì wá sí 37.8 ní aago méje. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ìtọ̀ wọn jẹ́ 200 mílílítà láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì, 120 láàárín aago méjì sí aago mẹ́fà, 20 péré láti aago mẹ́fà sí aago méje. Mo ti wo rọ́bà ìtọ̀ náà, kò ká, nǹkan kan kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú wọn wú, ó sì le. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni wọ́n pe ìrora wọn láàárọ̀, méje ni wọ́n pè é nírọ̀lẹ́. Wọ́n ṣì ń dá mi lóhùn geere. Ìṣirò ìkìlọ̀ wọn jẹ́ òdo láàárọ̀, 1 lọ́sàn-án, 6 ní aago mẹ́fà, 5 ní aago méje.

“Dókítà ní kí wọ́n má fi ohunkóhun sẹ́nu mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ti wà ní láàbù láti aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó béèrè èsì rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Dírípù tó wà lára wọn jẹ́ lítà kan fún wákàtí mẹ́jọ. Aago mẹ́rin ni mo so ó, ọ̀gànjọ́ ni yóò tán. N kò tíì fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti alẹ́, mo dá a dúró di ìgbà tí dókítà bá wò wọ́n. Wákàtí wákàtí ni kí ẹ máa wọn gbogbo rẹ̀, ìtọ̀ náà pẹ̀lú. Bí dókítà kò bá dé ní aago mẹ́jọ, ẹ pe ọ̀gá rẹ̀. Bí ìfúnpá bá bọ́ sábẹ́ 100, tí èémí bá dé 25, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ẹ má dúró de ẹnì kankan, ẹ pe àwọn pàjáwìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ gbọ́.”

Mo fi aago ọwọ́ mi wọn ọ́n nílé. Bí ẹ kò bá sáré sọ ọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló nílò irú rẹ̀. Ẹni tó ń múra àtilọ sílé lọ́la, gbólóhùn mẹ́ta tó o. Àkókò tí ẹ fi pamọ́ lára àwọn yẹn ni ẹ ó ná sórí Bàbá yìí. Ìdí tí nọ́ọ̀sì náà fi ní “ni mo fẹ́ fi ṣáájú” nìyẹn. Kò bẹ̀rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì kìíní. Bẹ́ẹ̀dì ló ní nọ́ńbà, àìsàn kò ní.

Ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ dáadáa. “Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí wọn.” Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ìyẹn kì í ṣe èdè iṣẹ́ ìlera, pé kí a sọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà ń bọ̀. Ohun tí gbólóhùn yìí ń ṣe ni pé ó ń sọ fún olùgbọ́ irú etí tí yóò fi gbọ́ nọ́ńbà náà. Bí fóònù bá dún lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n pín wọn níyà, ẹni tó ń gbaṣẹ́ ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tí wọ́n ṣe fún un, ohun tí a ń bẹ̀rù, àti pé dókítà kò tíì dé. Ìyókù tó sọnù kò ní pa aláìsàn kó tó padà.

Mo yọ orúkọ Bàbá kúrò torí ibi tí a wà yìí. Ní wọ́ọ̀dù, orúkọ méjèèjì àti nọ́ńbà fáìlì ni ẹ ó pè, ẹ ó sì fi wé báńdì ọwọ́. Wọ́n lè ti gbé ẹlòmíràn sórí bẹ́ẹ̀dì kẹfà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti pẹ́ díẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Ká ní nọ́ọ̀sì náà sọ ti aago méje nìkan: ọkàn 110, èémí 22, ìfúnpá 106, ìgbóná 37.8. Ẹni tó ti rẹ̀, tó sì ti ń gbọ́ ìròyìn fún ìdajì wákàtí, yóò ní, “Hẹ́n, ó ga díẹ̀.” Ìfúnpá 106? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ara wọn le kókó ni tiwọn jẹ́ 106. Ṣùgbọ́n ẹni ẹ̀jẹ̀ ríru ni Bàbá yìí, 138 ni wọ́n jí sí. Ó ti fi 32 bọ́ láàárín wákàtí mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ ni ẹ ó sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fi yẹ kó wà nínú ìròyìn tí ìpá ogójì ọdún kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ìpá kò yí ohun tí nọ́ọ̀sì alẹ́ máa ṣe padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru yí i padà. Pẹnisílíìnì náà yí i padà, torí pé bí dókítà bá gbà pé ibi tí wọ́n rán ń jò, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ni yóò kọ ní kíákíá, ọ̀pọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ ẹbí pẹnisílíìnì, tí orúkọ rẹ̀ kò sì jọ ọ́ rárá.

Nísinsin yìí, ìṣirò ìkìlọ̀, máàkì tí a ń fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí a sì ń rò pọ̀ kí a lè mọ bí ewu ṣe tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo NEWS2, ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀n, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ẹ bá mi ṣe é. Ní aago mẹ́fà: èémí 22, máàkì méjì. Ọ́síjìn 95, ọ̀kan. Ìfúnpá 108, ọ̀kan. Ọkàn 108, ọ̀kan. Ìgbóná 38.2, ọ̀kan. Mẹ́fà nìyẹn. Ó tó kí dókítà wá wò wọ́n ní kíákíá, kí nọ́ọ̀sì sì máa wọn ọ́n ní wákàtí wákàtí. Ní aago méje ńkọ́? Èémí ṣì jẹ́ méjì, ọ́síjìn ọ̀kan, ìfúnpá 106 ọ̀kan, ọkàn 110 ọ̀kan. Ìgbóná 37.8? Òdo. Àpapọ̀, 5.

Ìṣirò lọ sílẹ̀! Bí ẹnì kan bá ń wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣáàtì nìkan, yóò ní Bàbá ti ń sàn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́: láàárín wákàtí kan yẹn, ọkàn yára sí i, ìfúnpá bọ́ sí i, ìtọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Parasitamọ́ọ̀lù ló mú máàkì kan kúrò, kì í ṣe ìwòsàn. Ó tẹ ìgbóná mọ́lẹ̀, ohun tó fa ìgbóná ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì náà fi so aago parasitamọ́ọ̀lù mọ́ ìgbóná nínú gbólóhùn kan náà. Nínú ìròyìn àkọ́kọ́ ńkọ́? “Mo fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù, ó ti ń lọ sílẹ̀.” Òótọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ ni ó sọ ọ́ dà.

Ìtọ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá, ẹ fi sọ́kàn. Ẹ̀yin ni ẹ ó gbé e wá. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò le: fún àgbàlagbà, a ń retí ó kéré tán ìdajì mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Bàbá wọn 70 kílò, nítorí náà 35 ni a ń retí. Láàárọ̀, 200 nínú wákàtí mẹ́rin, 50 ní wákàtí kan nìyẹn, ó dára. Lọ́sàn-án, 120 nínú wákàtí mẹ́rin, 30; ó ti wọ abẹ́. Lẹ́yìn náà, 20. Bẹ́ẹ̀ sì ni dírípù ń wọlé ní 125 ní wákàtí kan. Omi ń wọlé, kò jáde. Ìdí tí ó fi sọ ìwọ̀n Bàbá ní gbólóhùn kejì nìyí. Láìsí 70 kílò yẹn, 30 mílílítà kò ní ìtumọ̀ kankan. “Kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀” pàápàá kò ní ìtumọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ti rí báàgì tó ṣófo torí pé aláìsàn fi itan lé rọ́bà. Nọ́ọ̀sì tó ròyìn yìí sọ pé òun ti wò ó, ó sì gba ẹnìkejì lọ́wọ́ ìbéèrè yẹn.

Ohun kan ṣì kù níbi ohun tó rí àti ohun tó rò. Kò sọ pé “ibi tí wọ́n rán ti já.” Kò rí inú ikùn. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ẹ̀rù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rù. Àwọn nọ́ọ̀sì kan máa ń gbé èrò wọn mì, wọ́n ní iṣẹ́ dókítà ni. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá sọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹni tó ń gbaṣẹ́ kò ní mọ ohun tí yóò máa ṣọ́. Jíjò lójú ibi tí wọ́n rán sábà máa ń fara hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọkàn tó ń yára àti èémí tó ń yára sì lè ṣáájú ibà. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn: ó lè jẹ́ àyà ló mú kòkòrò, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú. Èyíkéyìí kó jẹ́, a kò gbọ́dọ̀ fi dọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbọ́ bí ẹni tó gbaṣẹ́ ṣe dáhùn, torí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò.

“Ó dára, Sísítà. Bàbá bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun, ẹ ń bẹ̀rù pé ó ń jò. Pẹnisílíìnì kò bá wọn mu. Kí wọ́n má jẹ, kí wọ́n má mu. Kí n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Kí n béèrè èsì láàbù ní aago mẹ́jọ, kí n máa wọn wọ́n ní wákàtí wákàtí. Bí dókítà kò bá dé ní aago mẹ́sàn-án, kí n pe ọ̀gá rẹ̀.”

“Aago mẹ́jọ, Sísítà.”

“Ẹ jọ̀ọ́. Mẹ́jọ. Ìfúnpá abẹ́ 100, èémí 25, ọ̀rọ̀ dídàrú, kí n pe pàjáwìrì.”

Wákàtí kan ló fẹ́ sọnù níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tó gbaṣẹ́ kò fetí sílẹ̀. Aago mẹ́jọ ti wà fún èsì láàbù, ọpọlọ rẹ̀ sì fẹ́ fún dókítà ní tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “ó ti yé mi” ni ó sọ, tó mi orí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ má bi ara yín pé “Ṣé ó yé ẹ?” Gbogbo ayé ló máa ní ó yé àwọn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn méjèèjì rìn lọ bá Bàbá. Ẹni tó ń lọ ní, “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Sísítà yìí ni yóò tọ́jú yín lóru òní.” Wọn kò ka ọ̀rọ̀ “ń jò” sórí Bàbá níbẹ̀; dókítà ni yóò bá wọn jókòó sọ ìyẹn nígbà tó bá dájú. Àwọn méjèèjì wo báńdì ọwọ́. Wọ́n wo dírípù, wọ́n fi ojú tẹ̀ lé rọ́bà rẹ̀ dé ibi tó ti wọ ara, bóyá ibẹ̀ wú. Wọ́n tẹ̀ wo báàgì ìtọ̀, ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Ẹni tó gbaṣẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọwọ́ Bàbá, ó ní ó tutù. Ìyẹn kò sí nínú ìròyìn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, wọ́n béèrè ìbéèrè díẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá kíkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kò tó. Mo ní kò tó. Kọ̀ǹpútà kì í béèrè ìbéèrè, kì í sì í ṣi aago mẹ́jọ gbọ́ kí ẹ lè tún un ṣe. Ẹlòmíràn béèrè nípa ìwé kékeré tí a máa ń kọ ìròyìn sí nínú àpò. Mo ní kí ó má bá yín délé. Inú àpótí ìwé tí wọ́n ń gé ni kí ẹ jù ú sí kí ẹ tó jáde ní wọ́ọ̀dù.

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló wá dìde. Ó ní, “Mà, ẹ dákun, nọ́ọ̀sì yín pe dókítà ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago méje ààbọ̀ ni hándóófà. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ti lọ, ìtọ̀ ti di 20. Kí ló dé tí ó fi ń fi ọ̀gá dókítà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀?”

Gbogbo yàrá dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé ó mú mi. Àṣà tí mo kọ́ ni mo gbé wọnú ìròyìn náà láìmọ̀: pé kí a má yọ ọ̀gá lẹ́nu, kí a fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láyè. Bóyá dókítà náà wà ní tíátà, tí kò lè jáde; ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí a ti pe ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ ló mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀ ní aago méje, nígbà tó rí 20 mílílítà yẹn. Òun ló yẹ kó pè, kì í ṣe àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi pa gbólóhùn yẹn rẹ́ lórí bọ́ọ̀dù, a sì jọ kọ òmíràn sípò rẹ̀:

“Dókítà kò tíì dé, nítorí náà mo pe ọ̀gá rẹ̀ ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti wà lọ́nà. Mi ò ní kúrò ní wọ́ọ̀dù títí yóò fi dé.”